Mac mini wà ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tó ni ín wà ní Ṣómólú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìwé ni mò ń tò fún àwọn atẹ̀wé, Mac mini M1 ni mo sì fi ń ṣe é ní ọ́fíìsì wa ní Ìdúmọ̀tà. Tí mo bá wà ní ọ́fíìsì, MacBook Air mi máa ń rí Mac mini náà, mo sì lè fi Screen Sharing ṣe ohunkóhun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé ní Ṣómólú báyìí, ńṣe ló máa pòórá. Mo tún ní iPad tí mo fẹ́ máa lò nígbà tí mi ò bá gbé MacBook dání. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kò sí ohun tó ṣe Mac yín. Ní ọ́fíìsì, Wáífáì kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì ń lò. Apple ní ètò kan tó ń jẹ́ Bonjour, òun ló máa ń mú kí Mac mini kéde orúkọ ara rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì yẹn. Ìkéde náà kì í kọjá rọ́ọ̀tà ọ́fíìsì, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọdá afárá Kátà, tí MacBook yín bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé, kò lè gbọ́ ìkéde yẹn mọ́. Orúkọ tó bá parí sí `.local` kò ní í wúlò fún yín níbẹ̀. Àdírẹ́sì tó ṣeé dé láti ìta lẹ nílò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti le díẹ̀ ní Èkó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé kí ẹ wọ inú rọ́ọ̀tà, kí ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 5900, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí Screen Sharing ń gbà, kí ẹ darí rẹ̀ sí Mac mini. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, pọ́ọ̀tù yẹn kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rọ tó ń kan àwọn pọ́ọ̀tù báyìí kiri tọ̀sán tòru, bí wọ́n bá sì ti rí tiyín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dán páásíwọọ̀dù wò. Èkejì ni pé ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ rọ́ọ̀tà onísíìmù lẹ ń lò ní ọ́fíìsì, àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ fóònù fún un sábà máa ń jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń pín. Ẹ ṣí ojú ìwé ètò rọ́ọ̀tà náà, kí ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ WAN. Bó bá bọ́ sáàárín 100.64 sí 100.127, tàbí tó fi 10 bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè ti ìta wọlé tààrà, ì báà jẹ́ pọ́ọ̀tù ọgọ́rùn-ún lẹ ṣí.

Apple fúnra wọn ní ọ̀nà kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Back to My Mac, tó ń gbé èèyàn dé orí Mac rẹ̀ láti ibikíbi, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á tì ní 2019. Ohun tó kù nínú Mac báyìí ni kí ẹ ṣí Screen Sharing, kí ẹ tẹ Apple Account ẹni tó wà nídìí Mac kejì dípò àdírẹ́sì. Ìpè á hàn lójú Mac yẹn, bí onítọ̀hún bá sì ti gbà á, ẹ ti wọlé nìyẹn, láìfọwọ́ kan rọ́ọ̀tà rárá. Ọ̀nà tó dára gan-an ni bí ẹ bá fẹ́ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, pàápàá bí màmá yín ní Ìbàdàn bá ní Mac tó ń dà á láàmú. Àmọ́ ó ní láti ní ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó máa gba ìpè. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, ta ló máa gbà á?

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń gbé kalẹ̀ fún irú yín ni pé kí ẹ fi áàpù kan ṣe ọ̀nà àbẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ yín, kí Screen Sharing tó wà nínú Mac wá gba orí ọ̀nà náà. Tailscale ni mo máa ń lò fún un. Ó ní ti Mac, ó ní ti iPad, ẹ ò sì ní í sanwó fún ìwọ̀n tí ẹ nílò yìí. Ẹ gbé e sórí Mac mini, MacBook àti iPad, kí ẹ fi àkáǹtì kan náà wọlé lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yóò fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tó fi 100 bẹ̀rẹ̀, tí kì í yí padà, tí ẹ̀rọ tí kò sí nínú àkáǹtì yín kò sì lè dé. Lórí Mac mini, ẹ rí i dájú pé ẹ ní kí áàpù náà máa ṣí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Ó máa ń fi gbogbo ohun tó ń kọjá pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bìkítà bóyá rọ́ọ̀tà yín ń pín àdírẹ́sì pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún èèyàn, torí pé láti inú ni Mac mini fúnra rẹ̀ ti ń jáde lọ ṣí ọ̀nà náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí System Settings lórí Mac mini, kí ẹ tẹ General, lẹ́yìn náà Sharing. Screen Sharing ti wà ní títàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí pé ẹ ń lò ó ní ọ́fíìsì. Ẹ tẹ lẹ́tà i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tí ó ti kọ Allow access for, ẹ yan Only these users, kí ẹ fi orúkọ yín nìkan síbẹ̀. Ó ṣe pàtàkì ní ọ́fíìsì tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún ti ń lo kọ̀ǹpútà kan náà.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ṣí Finder lórí MacBook, ẹ tẹ Go, lẹ́yìn náà Connect to Server, kí ẹ wá kọ àdírẹ́sì Mac mini báyìí (ẹ fi tiyín rọ́pò èyí tí mo kọ):

```
vnc://100.101.102.103
```

Orúkọ àti páásíwọọ̀dù tí ẹ fi ń wọ Mac mini náà ni yóò béèrè. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló wà lórí Mac mini lásìkò yẹn pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀, yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni náà láti jọ lo ojú kọ̀ǹpútà kan, tàbí ẹ fẹ́ wọ àkáǹtì tiyín lọ́tọ̀. Bí ẹ bá yan èyí ẹ̀yìn yìí, onítọ̀hún á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà á máa ṣe tiyín, kò sí ẹni tó máa rí ti ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé Mac ń ṣe èyí.

Títí dé ibi tí a dé yìí, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ohun tó máa ń já èèyàn kulẹ̀ gan-an ni iná.

Mac tó bá sùn kò lè dáhùn. Ohun tó ń jẹ́ Wake for network access wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì ló ti wúlò. Bí Mac mini bá sùn, ọ̀nà àbẹ́lẹ̀ náà á sùn pẹ̀lú rẹ̀, kò sì ní í sí ohun tó máa jí i láti Ṣómólú. Ẹ lọ sí Energy nínú System Settings, kí ẹ tan Prevent automatic sleeping when the display is off àti Start up automatically after a power failure. Ẹni tó bá fẹ́ràn Terminal lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan:

```
sudo pmset -a sleep 0 autorestart 1
```

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí NẸ́PÀ bá mú iná ní agogo méje alẹ́, tí wọ́n dá a padà ní agogo mẹ́jọ. Mac mini á tan fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kó máa ṣe. Á wá dúró síbi tí ó ti ń béèrè páásíwọọ̀dù. Lójú ẹni tó bá ń kọjá ní ọ́fíìsì, ó ti tan dáadáa: orúkọ yín wà níbẹ̀, àwòrán yín wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí FileVault, ètò Mac tó ń fi páásíwọọ̀dù ti dísìkì pa, bá wà ní títàn, Mac náà kò tíì ṣí. Gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì ṣì wà ní títì, Screen Sharing kò tíì bẹ̀rẹ̀, Tailscale náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè ti Ṣómólú tẹ páásíwọọ̀dù yẹn. Ní macOS 26, Apple ti fi ọ̀nà kan kún un tí èèyàn lè gbà fi SSH, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ṣí FileVault lórí Mac bíi tiyín, bí Remote Login bá wà ní títàn. Àmọ́ nígbà tí Tailscale kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá wà lórí nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì nìkan ló máa lè lò ó.

Àwọn kan máa ń pa FileVault kí wọ́n lè jẹ́ kí Mac wọlé fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, torí pé bí FileVault bá wà ní títàn, Mac kì í gbà kí ẹ yan Automatically log in as. Ṣùgbọ́n ìwé oníwé ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín, èyí tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde. Bí olè bá gbé Mac mini náà lọ, ó kàn máa ki í bọ iná ni, gbogbo rẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀ fún un. Èmi ò ní í gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí FileVault wà níbẹ̀, kí ẹ náwó sórí bí iná kò ṣe ní í lọ lára Mac mini rárá.

Kò wọ́n tó bí ẹ ṣe rò. Mac mini M1 kì í mu iná púpọ̀: nǹkan bíi wáàtì 7 ni bó bá wà láìṣiṣẹ́, wáàtì 39 sì ni bó bá ń ṣiṣẹ́ tó le jù. Bí a bá fi wáàtì 10 kún un fún rọ́ọ̀tà, kò tó 50. UPS kékeré tó ní bátìrì 12V, 7Ah kan ṣoṣo ní nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 84 nínú nígbà tí bátìrì náà ṣì tuntun. Bí a bá yọ ohun tí UPS fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò, ẹ lè retí nǹkan bíi wákàtí kan nígbà tí iṣẹ́ bá le, yóò sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí Mac bá kàn ń dúró. Bí ínfátà bá wà ní ọ́fíìsì, ó sàn bẹ́ẹ̀. UPS á kàn máa gbé e fún ìṣẹ́jú àáyá tí iná fi ń yí láti ọ̀kan sí èkejì. Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má gbàgbé. Ẹ má ki mọnítọ̀ bọ UPS náà, torí òun ló máa fa bátìrì gbẹ. Ẹ sì ki rọ́ọ̀tà bọ̀ ọ́, nítorí mo ti rí ọ́fíìsì tí Mac wà láàyè ní gbogbo òru, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè dé ibẹ̀ torí pé rọ́ọ̀tà ti kú. Ẹ dán an wò lójú ara yín: ẹ fa wáyà UPS kúrò lára ògiri nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó máa lò.

Bí iná bá lọ ju agbára UPS lọ, ó kù sọ́wọ́ ẹni kan tí ẹ fọkàn tán ní ọ́fíìsì, tí ẹ lè pè lórí fóònù kó tẹ páásíwọọ̀dù. Bó bá ti wá di pé ẹ sọ ọ́ fún un, ẹ yí i padà lọ́jọ́ kejì. Fún ìdí kan náà, ẹ pa Install macOS updates nínú Software Update. Mac tó bá fi òru tún ara rẹ̀ ṣe, tó sì tún ara rẹ̀ tan, ojú páásíwọọ̀dù kan náà ló máa dúró sí. Ẹ máa ṣe é fúnra yín lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nídìí rẹ̀.

Ní ti iPad, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba àkókò yín lọ́wọ́ òfò. Kò sí Screen Sharing nínú iPad. Sidecar tí ẹ máa rí níbẹ̀ kàn ń sọ iPad di ojú kejì fún Mac tó wà nítòsí ni, kì í kọjá nǹkan bíi mítà 10. Universal Control sì ń jẹ́ kí kíbọọ̀dù àti máòsì Mac ṣiṣẹ́ lórí iPad. Òdì kejì ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Screen Sharing tó wà lórí Mac mini gbọ́ VNC, èdè tí ọ̀pọ̀ áàpù fi ń lo kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, nítorí náà áàpù VNC lórí iPad lè bá a sọ̀rọ̀. RealVNC Viewer dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tan Tailscale lórí iPad, ẹ ṣí áàpù VNC náà, kí ẹ fún un ní àdírẹ́sì kan náà.

Ẹ ṣọ́ra níbi páásíwọọ̀dù. Níbi lẹ́tà i ti Screen Sharing yẹn, ẹ máa rí VNC viewers may control screen with password. Àwọn áàpù VNC kan kò lè wọlé àfi bí ẹ bá tan èyí, kí ẹ sì fi páásíwọọ̀dù ọ̀tọ̀ sí i. Páásíwọọ̀dù yìí kò lágbára: lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nìkan ló ń kà nínú rẹ̀, ohun yòówù kí ẹ kọ tẹ̀ lé e. Bí áàpù tí ẹ yàn bá lè béèrè orúkọ àti páásíwọọ̀dù Mac fúnra rẹ̀, ẹ lo èyí, kí ẹ pa ti VNC yẹn tì. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò burú fún yín, torí pé inú ọ̀nà àbẹ́lẹ̀ Tailscale ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo páásíwọọ̀dù kan náà tí ẹ fi ń wọ Mac.

iPad dára fún kí ẹ wo bóyá fáìlì ti jáde tán, kí ẹ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ fi PDF ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Kò dára fún ìtò ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìka yín kàn ń ti atọ́ka máòsì kiri ni, bí ẹ bá sì kúrò nínú áàpù náà lọ wo WhatsApp, ó lè já yín sílẹ̀.

Ní ti dátà, ẹ má fọwọ́ kan High Performance lórí MacBook. Láti macOS Sonoma ló ti wà, ó sì rẹwà lójú, ṣùgbọ́n Apple ní ó nílò nǹkan bíi 75 Mbps fún ojú 4K kan. Bí ẹ bá fi wákàtí kan gbáko fa iye yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34GB. Standard ni kí ẹ yàn, kí ẹ fi í sí Adaptive Quality lábẹ́ View. Àwòrán á máa ṣú díẹ̀ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá fà, nítorí náà ẹ má fi ojú yẹn ṣèdájọ́ àwọ̀ èèpo ẹ̀yìn ìwé.

Ọjọ́ kan á dé tí kò ní í ṣí. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí Terminal lórí MacBook, kí ẹ kọ èyí:

```
nc -vz -G 5 100.101.102.103 5900
```

Bó bá dáhùn `succeeded`, ọ̀nà dára, Mac mini sì wà láàyè. Orúkọ tàbí páásíwọọ̀dù ni kí ẹ tún wò, tàbí bóyá ẹnì kan ti yọ yín kúrò nínú Only these users. Bó bá sọ pé `Connection refused`, Mac mini wà lójúfò, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa Screen Sharing. Ẹnì kan ní láti lọ tàn án níbẹ̀. Bó bá sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó ní `Operation timed out`, ẹ ṣí Tailscale, kí ẹ wo Mac mini nínú àkójọ ẹ̀rọ yín. Bí kò bá sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iná ni tàbí rọ́ọ̀tà, tàbí kó jẹ́ pé ó ti tún ara rẹ̀ tan tó sì ń dúró de páásíwọọ̀dù FileVault. Ẹ bi ẹni tó wà ní ọ́fíìsì bóyá ojú kọ̀ǹpútà ń béèrè páásíwọọ̀dù; ìbéèrè yẹn nìkan máa ń yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àfi bí ẹ bá wọ àkáǹtì tiyín lọ́tọ̀ nígbà tí ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀, ohun tí ẹ bá ń ṣe láti ilé, gbogbo rẹ̀ ló ń hàn lójú mọnítọ̀ ní Ìdúmọ̀tà fún ẹni tó bá wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti parí, ẹ tẹ àmì Apple tó wà lórí ojú Mac mini, kì í ṣe ti MacBook, kí ẹ yan Lock Screen kí ẹ tó pa Screen Sharing dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa dán gbogbo èyí wò, ẹ ṣe é ní ọ́fíìsì: ẹ yọ MacBook kúrò lórí Wáífáì, kí ẹ fi hótísípọ́ọ̀tù fóònù yín so ó pọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Lójú Mac mini, bákan náà ni pé ẹ wà ní Ṣómólú, ẹ sì wà nídìí rẹ̀ bí ohunkóhun bá kọ̀.